Igi Tó Wà Nínú Àlàyé

Tí ẹ bá ti wo fídíò ilé títà lórí fóònù yín rí, tí ẹ fa ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ lè ti rí nọ́ńbà mi níbẹ̀. Èmi ni ẹ máa ń pè. Láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí ọ̀gá wa ni mo ti ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì alágbàtà ilé yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè mí ní Àǹtí Aláago. Mi ò ní purọ́ fún yín, sùúrù mi ò tó nǹkan. Ẹni tó bá pè mí pé èló ni ilé, nígbà tí a ti kọ iye rẹ̀ gàdàgbà sí ìlà kejì, mo máa ń bi í bóyá ojú ń dùn ún ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn yín, torí ó padà wá bá mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara mi kọ́ ni mo jókòó sọ. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń kọ gbogbo ohun tó wà lókè nọ́ńbà mi ni. Alálàá là ń pè é. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, lẹ́yìn mi gan-an, débi pé mo máa ń gbọ́ ọ tó bá mí kanlẹ̀. Á gbé fídíò sójú kọ̀ǹpútà, á pa orin tí wọ́n fi sí i, á fọwọ́ lérán, á sì wọlé lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn náà ló rí: á wọlé lọ. Tó o bá pè é nígbà yẹn, ó dìgbà tó bá jáde kó tó dá ọ lóhùn. Mo ti fi rúlà gbá tábìlì rẹ̀ rí, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, mo ṣì wà ní kíṣìnnì."

Ọ̀gá wa ní òfin fún àlàyé abẹ́ fídíò, òfin náà sì mọ́gbọ́n dání. Ìlà méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ojú ń rí kí èèyàn tó fọwọ́ kan "wo púpọ̀ sí i", àwọn tó sì ń fọwọ́ kàn án ò pọ̀. Torí náà, irú ilé, iye yàrá, àdúgbò àti iye owó gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá wá sọ ibi tó sún mọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, irú ìwé tó ní, àti ìṣẹ́jú tí yàrá kọ̀ọ̀kan jáde nínú fídíò, kí ẹni tó jẹ́ pé balùwẹ̀ nìkan ló fẹ́ rí lè fò lọ síbẹ̀ tààrà. Ọjọ́ tí wọ́n lè wá wo ilé ló kàn, nọ́ńbà mi ló sì gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí orúkọ òpópónà, kò sì gbọdọ̀ sí nọ́ńbà ara ilé. Ẹni tó bá ti mọ ojúlé á gba ẹ̀yìn alágbàtà lọ bá onílé, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wa lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ilé wà náà ní bí a ṣe ń sọ ọ́. "Nítòsí ọjà" túmọ̀ sí pé o lè wọ sálúbàtà rìn dé ọjà. "Kò jìnnà sí ọjà" túmọ̀ sí pé kó o wá ọlọ́kọ̀. "Àdúgbò tó ń dìde bọ̀" túmọ̀ sí pé wọn ò tíì la ọ̀nà débẹ̀. Tí a bá ní "kò sí ariwo rárá", àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kò tíì sí aládùúgbò. Ọ̀gá tún fẹ́ràn àwọn àwòrán kéékèèké orí fóònù, iná, ìràwọ̀, ilé àti àmì pupa tó ń tọ́ka ibi. Á tò wọ́n síbẹ̀ bí ẹni to ata. Alálàá ò fẹ́ràn wọn rárá. Ó ní wọ́n ń pariwo.

Ẹ máa rò pé ilé ńlá ló ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ńlá ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tiwọn. Ọlọ́dẹ ni bàbá rẹ̀, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló máa ń ṣọ́, òun, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ á sì máa gbé inú ilé náà títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n ń sùn, láàárín àpò sìmẹ́ǹtì, nínú yàrá tí àwọn olówó máa padà wá sùn sí. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ mọ ibi tí oòrùn ń bá wọlé láàárọ̀. Fèrèsé ò ní dígí, tapólì, ọ̀rá tó nípọn, ni wọ́n ń ta bò ó. Tí afẹ́fẹ́ bá ń lu tapólì yẹn, tí ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ, bàbá wọn á ní kí wọ́n sùn jàre, pé igi ló wà níta, ewé ni wọ́n ń gbọ́. Ọjọ́ tí káfíńtà bá gbé ilẹ̀kùn dé ni wọ́n máa ń di ẹrù. Alálàá sọ fún mi pé títí dòní, tí òun bá rí ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n gbé ti ògiri, àyà òun á já.

Yàrá kan ló ń háyà báyìí, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì dojú kọ ògiri ilé ẹlòmíì. Ó jẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ kan pé nínú gbogbo ilé tí òun bá kọ àlàyé rẹ̀, òun máa ń yan yàrá kan fún ara òun, òun á gbé ibùsùn òun síbẹ̀ nínú ọkàn òun, òun á sì sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Ìwọ ni olówó wa. O ní yàrá ní gbogbo àdúgbò, o ò sì san owó iná." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má fi bò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn àbúrò tí a jọ mu ọmú kan náà lọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń ka àlàyé Alálàá, wọ́n ń yìn ín, wọn ò sì ra ilé. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé òun ò lówó ilé, òun kàn wá sinmi ni. Ọ̀gá ka ìyẹn, ojú rẹ̀ sì le. "Ṣé ibùdó ìsinmi ni mo ṣí síbí ni?"

Ilé kan wá wà tó ti sú gbogbo wa. Ilé ilẹ̀ oníyàrá méjì ni, ní ìparí ọ̀nà kan tí kò já síbì kankan. Onílé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹwà kan lára ilé náà tí kámẹ́rà lè mú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti kọ àlàyé sí i, ó kó iná àti ìràwọ̀ bò ó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pè. Ó wá ní kí Onífídíò, ọmọkùnrin tó ń bá wa ya fídíò, lọ yà á lákọ̀tun, ó sì yíjú sí Alálàá.

Ó ní, "Tún àlàyé rẹ̀ kọ. Tí ilé yìí ò bá lọ kí oṣù yìí tó parí, mo ti rí àlàyé kan báyìí tí a lè máa lẹ̀ mọ́ gbogbo ilé, ká kàn máa pààrọ̀ iye yàrá àti àdúgbò. A ò tún ní nílò ẹni tó ń kọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìjà kọ́, iṣẹ́ ni."

Alálàá rọra ní, "Ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá wọn dé ilé náà." A ò gbé e lọ síbẹ̀kíbẹ̀ rí, ẹ gbọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ̀wé nípa ilé, fídíò ló ń wò, torí iná kámẹ́rà àtàwọn ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ló máa ń kún inú ọkọ̀. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní kó gbé ẹsẹ̀ irin náà lé itan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Onífídíò ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ibi tí òun ti ń dúró kí oòrùn yí wọ pálọ̀ ni òun ò ti rí Alálàá mọ́. Òun wá a kiri, òun bá a ní yàrá ẹ̀yìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ti sùn lọ fọnfọn. Fèrèsé wà ní títì, irú dígí rẹ̀ sì ni èyí tó dà bí omi ìrẹsì, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ìta. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jí i. Ó ní òun ò lè jí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, Alálàá jókòó, ó wọlé lọ, kò sì jáde títí a fi fẹ́ ti ọ́fíìsì. Èyí ni ohun tó kọ:

"Ilé ilẹ̀ oníyàrá méjì fún títà, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítòsí ibùdókọ̀. Iye rẹ̀ wà nísàlẹ̀ orúkọ fídíò yìí, ìwé rẹ̀ pé. Ọ̀nà ibẹ̀ ò já, torí náà ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tó bá ń bọ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Géètì irin, ó máa ń dún díẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i. Láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, ilẹ̀ títẹ́ ni, kò sí àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ náà ni inú ilé láti yàrá dé yàrá. Pálọ̀ gbòòrò, ohùn èèyàn ò sì dún padà nínú rẹ̀ torí àjà onípákó ni. Oòrùn ọ̀sán máa ń wọ ọ́ láti apá ọ̀tún. Ilẹ̀ kíṣìnnì tutù sí àtẹ́lẹsẹ̀, táìlì rẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀, kì í yọ̀. Omi ẹ̀rọ wà, ó lágbára ní kíṣìnnì, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára ní balùwẹ̀. Ní yàrá iwájú, ẹ máa gbọ́ agogo ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ti fẹ́ máa lọ sílé. Ní yàrá ẹ̀yìn, tí ẹ bá jókòó síbi fèrèsé, ẹ máa gbọ́ ewé igi. Igi náà ò dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í dá oorun dúró."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣẹ́jú yàrá kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wíwo ilé, àti èmi.

Ọ̀gá rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà, kó sì tó dé, àlàyé ti jáde. Ó kà á lórí ìdúró. "Balùwẹ̀ tómi rẹ̀ ò lágbára! Géètì tó ń dún! Ta ló bi ọ́ léèrè ìtura àtẹ́lẹsẹ̀?" Ó fẹ́ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n Onífídíò ní ó ti pẹ́, àwọn èèyàn ti ń pín in kiri. Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ọ̀gá kàn mi orí tí kò nírun yẹn, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni fóònù mi dún. Ohùn àgbà ọkùnrin ni, ó jinlẹ̀, ó sì mọ́ gaara.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń pè nípa ilé tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Èló ni wọ́n ń tà á?"

Mo ti gba ìpè tó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, orí sì ń fọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà lábẹ́ orúkọ fídíò. Ṣé ojú ń dùn yín ni?"

Ó ní, "Kì í dùn mí, ọmọ mi. Ó ti fọ́ tipẹ́."

Ẹ ò lè mọ bí ojú ṣe tì mí tó. Mo dìde dúró pẹ̀lú fóònù létí, mo kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò rí mi. Mo ń bẹ̀bẹ̀, òun ń rẹ́rìn-ín. Ó ní fóònù òun ló máa ń ka ọ̀rọ̀ jáde fún òun, ṣùgbọ́n iye owó tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ fídíò yẹn, inú àwòrán ló wà, fóònù ò sì lè ka àwòrán. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ fídíò ilé, orin nìkan ló máa ń wà nínú wọn, tí òun bá sì ní kí fóònù ka àlàyé, á ní, "Iná, iná, iná, ilé, ìràwọ̀, ẹ wá fojú ara yín rí i." Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé ilé ló ń jó."

Ó sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún mi. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń gba gbogbo ìpè tó bá wọlé, tó ń so wọ́n mọ́ yàrá tó yẹ. Ẹni iṣẹ́ mi ni, àní ọ̀gá mi. Ní ọ́fíìsì wa, Bàbá Tẹlifóònù la wá ń pè é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ní yàrá òkè. "Ọmọ dáadáa ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí mo bá débẹ̀, wọ́n á máa dì mí lọ́wọ́ mú lọ jẹun. Mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tèmi kí n tó kú. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tèmi, etí ni. Ẹni tó kọ àlàyé ilé yìí, etí ló fi kọ ọ́. Kí òun náà wà níbẹ̀ tí mo bá fẹ́ wò ó. Kí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, kí n lè mọ ojú yín."

Mo sọ ọ́ fún Alálàá, ó bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi ọwọ́ ra ọwọ́. Inú gbogbo wa dùn.

Ọjọ́ wíwo ilé pé, Ọ̀gá, Alálàá àti èmi sì ti ń dúró níbẹ̀. Ọkọ̀ gbé bàbá náà dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí awakọ̀ dúró sínú ọkọ̀. Ó ti há àlàyé náà sórí látòkèdélẹ̀. Ó ṣí géètì, ó dún díẹ̀, ó ní, "Òun nìyẹn." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ilẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò kọsẹ̀. Ní pálọ̀ ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí, ó mi orí. Ní kíṣìnnì ó bọ́ bàtà, ó dúró sórí táìlì tó tutù yẹn títí bí ẹni pé ó ń gbọ́ orin. Ó ṣí omi, ó ṣí ti balùwẹ̀, ó ní, "Lóòótọ́, kò lágbára." Ó rẹ́rìn-ín. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti apá ọ̀tún, ó kọjú sí i. Kí n sọ òótọ́ fún yín, mo rí ilé náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó wá dà bíi pé bàbá náà ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́, àwa la wá kí i.

A wá dé yàrá ẹ̀yìn. Ó wá ibi fèrèsé, ó fọwọ́ kan pẹpẹ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣí i fún mi."

Alálàá ló ṣí i. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì rí ojú rẹ̀ kí n tó rí ìta. Kò sí igi níbẹ̀. Yanrìn gbígbẹ ló wà níbẹ̀, àti ògiri búlọ́ọ̀kù, àti ilé aládùúgbò tó ń dán pẹ̀lú páànù tuntun. Kò sí ewé kan, kò sí koríko pàápàá.

Bàbá Tẹlifóònù tẹ́tí sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ pẹ́. Ó ní, "Ewé náà dà?"

Ọ̀gá ti yára dáhùn. "Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lónìí ni, sà. Ẹ wá lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ." Ó wá fi ìka lé ètè, ó ń wò wá.

Mo fẹ́ kí a dákẹ́. Mo ń sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí lọ́kàn mi. Oṣù ti ń parí lọ, iṣẹ́ ọmọ yìí ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, igi kan ò sì ju igi kan lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra yọ ọ́.

Ó ní, "Kò sí igi níbẹ̀, sà. Kò sí rárá."

Ó ń bá a lọ. Ó ní ọjọ́ tí òun wá, òun sùn lọ nínú yàrá yìí, òun sì gbọ́ ewé. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ nísinsìnyí pé tapólì ni, tapólì ilé aládùúgbò, torí wọn ò tíì kan páànù rẹ̀ nígbà náà. Ó sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un, bó ṣe máa ń sọ fún wọn pé igi ló wà níta. "Mi ò purọ́ fún yín, sà. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo kọ."

Ọ̀gá ti yí ojú sí ògiri. Nígbà tó yá, bàbá ní, "Kí ló tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò rò pé ó tún wà."

"A máa padà sí géètì. Màá máa kà á, ìwọ máa dáhùn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà o. Ó ń ka ọ̀rọ̀ Alálàá fún Alálàá, ìlà kọ̀ọ̀kan níbi tó ti bá a mu, òun náà á wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, á fọwọ́ kàn án, á ní, "Òótọ́ ni, sà." Géètì, òótọ́ ni. Ilẹ̀ títẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, òótọ́ ni. Àjà, oòrùn, táìlì. Ní yàrá iwájú a dúró títí agogo ilé-ẹ̀kọ́ fi lù, àwọn ọmọ sì tú jáde pẹ̀lú ariwo wọn. "Òótọ́ ni, sà." Nígbà tí a tún dé yàrá ẹ̀yìn, bàbá ka ìlà igi náà tán, Alálàá ní, "Irọ́ ni, sà," omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìdún. Bàbá Tẹlifóònù dúró díẹ̀ síbi fèrèsé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní òun máa rò ó, ó sì bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀ tiwa, Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọ̀nà títí a fi dé títì. Ó wá ní, "O mọ ohun tí mo sọ nípa ìparí oṣù." Alálàá ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà." Ẹsẹ̀ irin kámẹ́rà ò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ ó ká ọwọ́ sórí itan bí ẹni gbé nǹkan tó wúwo.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà kò wọ ilé kankan mọ́. Ó ń kọ "ẹlẹ́wà", ó ń kọ "tó dára púpọ̀", bí Ọ̀gá ṣe fẹ́. Ó ti fọ ife tíì rẹ̀, ó fi bébà wé e sínú báàgì. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó pè mí lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má bínú sí mi.

Fóònù wá dún. Mo gbé e pẹ̀lú ìbínú, mo ní, "Ta ni o?"

"Àǹtí Aláago, ṣé ojú ṣì ń dùn yín?"

Bàbá Tẹlifóònù ni. Ó ní òun ti bá ọmọ òun sọ ọ́, ó sunkún, ó ti gbà. Ó ní, "Mo ti pẹ́ láyé tí àwọn èèyàn ń sọ ohun tó wà fún mi. Gbogbo wọn ló ń sọ pé ó wà, ó wà. Ẹni tó bá lè sọ fún mi pé kò sí, bó tilẹ̀ máa pa á lára, màá gbà á gbọ́ tó bá ní ó wà. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé mo ra ilé náà."

Mo ju fóònù sílẹ̀, mo kígbe. Mo dì mọ́ Alálàá lọ́rùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un pa. Ọ̀gá jáde, ó gbọ́, ó mí kanlẹ̀. Ó wá ní, "Ìlà méjì àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ tèmi o. Ìyókù, kí Alálàá máa kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́." A ò tún gbọ́ nǹkan kan nípa àlàyé tí a máa lẹ̀ mọ́ gbogbo ilé. Ife tíì náà padà sórí tábìlì.

Tí ilé bá ti lọ, a kì í yọ fídíò rẹ̀ kúrò. A máa ń kọ "A TI TÀ Á" sí iwájú orúkọ rẹ̀, a sì máa ń yọ nọ́ńbà mi kí n lè sinmi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún èyí náà, ọ̀rọ̀ sì tán, àfi bí bàbá ṣe tún pè lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Ó ní òun ṣì máa ń ní kí fóònù ka àlàyé náà fún òun nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìlà irọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń dí òun lọ́wọ́. Kí Alálàá wá wò ó, kó tún un ṣe.

Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló lọ. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí àlàyé náà, ó fọwọ́ lérán, ó wọlé lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo dìde, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i bó ṣe pa ìlà àtijọ́ rẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ tuntun síbẹ̀. Mo ń sunkún lórí irun rẹ̀, kò mọ̀. Ohun tó kọ ni pé:

"Ní yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n bá ṣí fèrèsé, igi kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn wà níta. Ó ṣì kéré, kò tíì ga dé orókún. Ewé rẹ̀ ò tíì ní ohùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti ń tẹ́tí sí i."